"Ó tó" àti "ó pé": bí ọ̀rọ̀ ẹnu alága ṣe ń di lẹ́tà sí oníbàárà

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ni alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ tó ń yan gààrí lábúlé wa lápá Ìjẹ̀bú. Èmi ń gbé ní Ṣómólú, èmi ni wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí Wáàsáàpù pé kí n bá wọn tún un kọ dáadáa fún àwọn oníbàárà l'Ékòó. Màdámù kan l'Óyìngbò ti san ìdajì owó 120 àpò, ọjọ́ Ẹtì yìí ló yẹ kí ẹrù dé, kò sì ní lè pé. Ó ti ń bínú, ó ní lẹ́tà tí mo kọ sí i kẹ́yìn kò ní orí kò ní ìdí. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé à ń purọ́, tí bàbá mi náà kò sì ní sọ pé mo ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà? Ohun tí wọ́n ní kí n kọ rèé: 'Màdámù, ẹ máà bínú sí wa. Òjò ló ń dà wá láàmú, ọ̀nà ti bàjẹ́, ọkọ̀ ò lè wọlé. Gààrí yín ti ń parí lọ, ó tó àádọ́rin àpò nílẹ̀, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ó rí wa. Ẹ ṣáà fọkàn balẹ̀.'"

Nínú gbogbo ohun tí bàbá rẹ sọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àádọ́rin, òun gan-an ló sì léwu jù. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ní "ó tó", kò tí ì kà á, ojú ló fi wọ̀n ọ́n. Tí ìwọ bá wá jókòó sí Ṣómólú tí o kọ ọ́ pé "àpò gààrí 70 ti wà nílẹ̀", àfojúbù ti di ẹ̀rí. Bàbá rẹ ò purọ́, ìwọ náà ò purọ́, irọ́ sì ti wọ inú lẹ́tà.

Mo ti fi orí ara mi kọ́ èyí. Nígbà tí mo ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ oníṣòwò kan n'Ídúmọ̀tà, alága àwọn àgbẹ̀ kan pè pé àgbàdo wọn tó igba àpò. Mo kọ 200 sínú ìwé, ọ̀gá mi fi ìwé mi háyà ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ débẹ̀, 140 àpò ló bá. Owó ọkọ̀ pé, ẹrù ò pé. Nígbà tí wọ́n bi bàbá àgbẹ̀ náà, ó ní, "Mo ní ó tó, mi ò ní ó pé." Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo jẹ̀bi, ọ̀gá mi ò sì jẹ́ kí n gbàgbé fún oṣù mélòó kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o kọ́kọ́ pe bàbá rẹ padà kí a tó kọ ohunkóhun. Nítorí pé ọjọ́ ò dúró de ẹnì kan, a ti jọ kọ lẹ́tà yẹn lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kàn ń to ọ̀rọ̀ náà jọ síbí ni, pẹ̀lú àṣẹ rẹ, kí àwọn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ìyá tàbí bàbá wọn lè rí bí a ṣe ṣe é. Mo ti yọ orúkọ kúrò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ní kí o bi wọ́n: nínú àádọ́rin yẹn, mélòó ni wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì ti gbé sórí ìwọ̀n? Bàbá rẹ kọ́kọ́ bínú díẹ̀, o sọ fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán ọmọ kan lọ sí búkà iṣẹ́ láti kà á. Àpò tí a ti rán, tí a ti wọ̀n ní kílò 50, jẹ́ 52. Gààrí tó kù, èyí tí bàbá pè ní àpò 18, ṣì wà lórí ọ̀rá nínú búkà. Wọ́n ti yan án, wọn kò tí ì jọ̀ ọ́. Gààrí tí a kò tí ì jọ̀ kò ṣeé kà ní àpò, torí pé kókó inú rẹ̀ á jáde, ó lè di 17, ó lè di 16. Ìyókù tó jẹ́ 50 àpò ṣì wà nínú ilẹ̀ ní ẹ̀gẹ́. Ìyẹn ni pé ohun tí bàbá rẹ fi gbólóhùn kan sọ, ẹrù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: èyí tó ṣeé gbé sọ́kọ̀ lónìí, èyí tó kù díẹ̀, àti èyí tó ṣì jẹ́ ìrètí. Màdámù Oyìngbò ní láti rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí òun náà ti ṣèlérí fún àwọn tó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "àpò" wà ní òun nìkan láéláé. Àpò kan lábúlé lè jẹ́ èyí tí a kún dé ẹnu tí a tún fi ewé dí lórí, òmíràn lè jẹ́ èyí tí a so lọ́rùn. Oyìngbò ní tiwọn, kóńgò àti rọ́bà páìńtì ni wọ́n fi ń tà á, màdámù sì mọ iye kóńgò tó yẹ kí àpò rẹ̀ mú jáde. Tí àpò bá fi kóńgò méjì dín, kò ní pè ọ́, yóò kàn dákẹ́, lọ́dún tó ń bọ̀ yóò ra ti ẹlòmíràn. Kọ kílò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò nígbà gbogbo.

Ìbéèrè kejì ni pé kí ló fà á gan-an. Bàbá rẹ ní òjò. Òjò rọ̀ lóòótọ́, oṣù Júláì ni. Ṣùgbọ́n òjò tó ba ọ̀nà jẹ́ kò lè dá gààrí dúró lórí agbada. Nígbà tí o tún bi wọ́n, ló tó jáde pé jáàkì tí wọ́n fi ń fún ẹ̀gẹ́ bàjẹ́ lọ́jọ́ Ajé 30 oṣù Júùnù, wọn kò sì rí i tún ṣe títí di ọjọ́ Ajé 7 oṣù Júláì. Ìtìjú ló mú wọn fi òjò bò ó, torí pé jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ń sọ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí a ra òmíràn. Mo mọ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wo ìṣirò rẹ̀: àpò mẹ́jọ ni wọ́n máa ń yan lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà iṣẹ́ ló sọnù, ìyẹn 48 àpò. Ohun tó dín sì jẹ́ 50. Jáàkì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ẹ̀bi náà tán. Òjò kò fa ju ìdádúró ọjọ́ kan lọ, nítorí ọkọ̀ tí kò lè wọ abúlé.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ pé ìdí tí wọ́n sọ kì í ṣe ìdí nìyẹn: mo máa ń wò ó bóyá ó gbé iye ohun tó dín. Tí àwáwí bá jẹ́ ti ọjọ́ kan, tí ẹrù tó dín sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan ṣì wà lábẹ́ àpò. Oníbàárà tó ti pẹ́ lẹ́nu òwò gààrí náà ń ṣe ìṣirò yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ní lẹ́tà rẹ kò ní orí kò ní ìdí.

Ìkẹta ni ọjọ́. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ni bàbá rẹ sọ, àdúrà ni wọ́n gbà, wọn kò ka ọjọ́. A wá jọ kà á. 50 àpò jẹ́ 2,500 kílò gààrí. Ẹ̀gẹ́ tútù bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di kílò gààrí kan, lásìkò òjò tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, márùn-ún ni mo máa ń lò. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n nílò tó 12,500 kílò, ìyẹn tọ́ọ̀nù méjìlá àbọ̀. Wọn kò sì lè wú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí inú rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà dúdú. Inú ilẹ̀ ni àká rẹ̀. Nítorí náà, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n máa wú lóòjọ́, èyí tí agbada lè gbà.

Lẹ́yìn náà ni kíkan. Gààrí Ìjẹ̀bú ni màdámù ń rà, gààrí tó kan ni. Tí wọ́n bá wú ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́bọ̀ 10, tí wọ́n bó o, tí wọ́n lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, á wà nínú àpò ní ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú kó lè kan, lọ́jọ́ Ajé 14 wọ́n á fún un tán, wọ́n á jọ̀ ọ́, agbada á gbóná. Láti Ajé 14 títí dé Àbámẹ́ta 19, àpò mẹ́jọ lóòjọ́ jẹ́ 48. Méjì tó kù àti èyí tó bá dín nínú gààrí orí ọ̀rá yẹn, wọ́n á yan án lọ́jọ́ Ajé 21. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni mo fi sílẹ̀ fún ohun tí a kò mọ̀, fún wíwọ̀n, àti fún kíkó ẹrù jáde sí ojú ọ̀nà ọ̀dà. Ọjọ́bọ̀ 24 ni ẹrù lè dé Oyìngbò. Bàbá rẹ pariwo pé ọjọ́ yẹn jìnnà. Ó jìnnà lóòótọ́. Àmọ́ tí o bá kọ "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ìwọ ni màdámù máa pè lọ́jọ́ Ajé, á tún pè lọ́jọ́ Ọjọ́rú, á tún pè lọ́jọ́ Ẹtì, títí ọjọ́ 24 yẹn náà á fi dé.

Ìkẹrin ni owó, òun ló sì ń ba bàbá rẹ lẹ́rù jù. Wọ́n rò pé tí màdámù bá ní òun ò ṣe mọ́, gbogbo ìdajì owó ni wọ́n máa dá padà, wọ́n sì ti fi ra epo àti igi ìdáná. Ṣùgbọ́n ìdajì owó 120 àpò jẹ́ owó 60 àpò. Tó bá gba 52 tó wà nílẹ̀, owó àpò mẹ́jọ péré ló kù tí ẹgbẹ́ máa dá padà. Nígbà tí o ka èyí fún wọn, o ní wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́tà náà rèé:

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Júláì, 2025

Màdámù wa ọ̀wọ́n,

Lórí 120 àpò gààrí tó yẹ kó dé lọ́jọ́ Ẹtì, 11 oṣù Júláì

Ẹ kú iṣẹ́ ajé o. À ń fi lẹ́tà yìí jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé 120 àpò gààrí náà kò ní lè pé lọ́jọ́ Ẹtì bí a ṣe ṣèlérí fún yín. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín.

Títí di òní, 52 àpò la ti rán tí a sì ti wọ̀n ní kílò 50 kọ̀ọ̀kan, 2,600 kílò lápapọ̀. Yóò dé ṣọ́ọ̀bù yín l'Óyìngbò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Júláì, kó tó di agogo méjì ọ̀sán.

68 àpò tó kù, 3,400 kílò, yóò dé lọ́jọ́bọ̀, 24 oṣù Júláì. A ti yan nǹkan bí 18 àpò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tí ì jọ̀ ọ́, a kò sì tí ì wọ̀n ọ́n. Ìyókù ṣì jẹ́ ẹ̀gẹ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́jọ́bọ̀ yìí.

Jáàkì tí a fi ń fún ẹ̀gẹ́ ló bàjẹ́ láti ọjọ́ 30 oṣù Júùnù sí ọjọ́ 7 oṣù Júláì. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà la pàdánù. A ti tún un ṣe, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ti ọjọ́ kan tó yẹ̀ láti Ẹtì sí Àbámẹ́ta, ẹrẹ̀ ló dí ọ̀nà abúlé. Ọ̀kadà la máa fi kó àpò jáde sí ọ̀nà ọ̀dà, ẹgbẹ́ ló sì máa san owó rẹ̀. A kò dín ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń kan kù, kí gààrí náà lè jẹ́ irú èyí tí ẹ máa ń gbà lọ́wọ́ wa.

Iye owó tí a jọ fẹnu kò sí kò yí padà. Owó tí ẹ ti san jẹ́ ti 60 àpò. Tí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn láti dúró di ọjọ́ 24, ẹ lè gba 52 àpò yìí nìkan, a ó sì dá owó àpò 8 padà fún yín lọ́jọ́ tí a bá kó ẹrù dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ èyí tí ẹ fẹ́ kó tó di alẹ́ ọ̀la, Ọjọ́rú 9 oṣù Júláì, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ẹ̀gẹ́.

Ẹ ṣeun, ẹ kú ìfaradà. Ọjà á tà o.

Alága (ìfọwọ́sí)
Akọ̀wé (ìfọwọ́sí)

Wàá rí i pé "ẹ fọkàn balẹ̀" ti kúrò nínú rẹ̀. Èmi kì í fi í sínú lẹ́tà ìdádúró, nítorí ẹni tí a bá ní kó fọkàn balẹ̀ láìfún un ní ọjọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọkàn rẹ̀ ti ń gbé sókè. "Ẹ máà bínú" di "a tọrọ àforíjì", ẹ̀ẹ̀kan péré, lójú ọ̀rọ̀ gan-an. "Bí Ọlọ́run bá fẹ́" náà kò sí níbẹ̀, bàbá rẹ sì bínú sí i, mo gbọ́. Sọ fún wọn pé a lè fi í sí i, èmi ò bá Ọlọ́run jà. Kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ báyìí: "lọ́jọ́bọ̀ 24 oṣù Júláì, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó rọ́pò ọjọ́.

Ní ti ẹ̀rù rẹ pé o ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà: o yí i padà lóòótọ́. O mú òjò kúrò níwájú, o gbé jáàkì síbẹ̀. Èyí tó máa dáàbò bò ọ́ ni kí o ka lẹ́tà náà sókè fún wọn lórí fóònù kó tó lọ, ní Yorùbá, láti orí dé ìdí, kí o sì béèrè níbi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pé, "Bàbá, ṣé bó ṣe rí nìyí?" Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Tí oníbàárà mìíràn bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, kọ ti Yorùbá kí bàbá fọwọ́ sí i ná, lẹ́yìn náà ni kí o wá túmọ̀ rẹ̀, kí ọjọ́ àti kílò inú méjèèjì bára mu. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ohun tí kò lè kà.

Ọ̀rọ̀ ìdápadà owó yẹn tún wà níbẹ̀. Owó ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti alága. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ń dá dúró bí ènìyàn, a lè pè é lẹ́jọ́ lórúkọ ara rẹ̀, lẹ́tà tí alága fọwọ́ sí sì lè di ẹ̀rí. Mo ní kí bàbá rẹ pe akọ̀wé àti akápò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé wọ́n fọwọ́ sí dídá owó àpò 8 padà tó bá pọn dandan, kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ìdajì wákàtí ni ó gbà wọ́n. Ká ní wọn ò ṣe é ni, tí akápò wá kọ̀ láti mú owó jáde, lẹ́tà rẹ tó dára yìí ni màdámù á fi gbá bàbá rẹ mú.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n tún wọn àpò bíi márùn-ún nínú 52 yẹn lójú ọ̀nà ọ̀dà kí ọkọ̀ tó gbéra, pàápàá èyí tó bá fara gba òjò lórí ọ̀kadà. Gààrí tó bá fa omi máa ń wúwo jù bó ṣe yẹ lọ. Tí àpò kan bá ju kílò 50 lọ, kí inú bàbá má dùn sí i, kí wọ́n tú u wò, kó tó di pé ó hu lọ́wọ́ màdámù. Kí awakọ̀ mú ẹ̀dà lẹ́tà dání pẹ̀lú ìwé kékeré tí a kọ "52 àpò, 2,600 kílò" sí, kí màdámù fọwọ́ sí i, kí awakọ̀ sì mú un padà.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ Ajé 21 ni kí o tún pe bàbá rẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: nínú 68 tó kù, mélòó la ti rán, tí a sì ti wọ̀n? Tí ohun tí wọ́n bá sọ bá kéré sí 60, má dúró de Ọjọ́bọ̀. Pe màdámù lọ́jọ́ Ajé náà, sọ iye tó máa dé lọ́jọ́ 24 àti ọjọ́ tí ìyókù máa dé, lẹ́yìn náà ni kí o wá kọ ọ́. Tí wọ́n bá sì dáhùn pé "ó tó", sọ fún wọn pé kí wọ́n rán ọmọ yẹn lọ kà á.